Nígbà tí Onílé Kéré sí Ayálégbé: Bí A Ṣe ń Kọ Ọ̀rọ̀ Ẹnu fún Eré Àwàdà Owó Ilé

Eré àwàdà kékeré nípa onílé àti ayálégbé jẹ́ fọ́nrán tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta lọ, tí wọ́n fi fóònù tàbí kámẹ́rà yà, tí wọ́n sì gbé sórí Instagram, TikTok, Facebook tàbí YouTube. Ènìyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ló ni ilé, èkejì ló ń gbé ibẹ̀. Owó ilé ti tó san, kò sì tíì sí nílẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn kan àti àga kan ti tó fún gbogbo ìran náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló gbé e dúró, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ náà kò bá lágbára, kò sí aṣọ tàbí orin tí ó lè gbà á sílẹ̀.

Àwàdà lórí ọ̀rọ̀ owó kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, fi ìwà ahun dá àìmọye ènìyàn lẹ́rìn-ín lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé agogo ńlá kọ́rùn, ó sì so táì ràgàjì mọ́ ọrùn ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n eré ìtàgé ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi mú ènìyàn wọ inú ìtàn. Nígbà tí Instagram bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́nrán ní ọdún 2013, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ló fún ẹnikẹ́ni. Ọdún 2016 ló sọ ọ́ di ọgọ́ta. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ojú ewé yìí ṣe àwàdà ní láti kọ́ bí a ṣe ń da ìjà kalẹ̀, tí a ń gbé e ga, tí a sì ń parí rẹ̀ kí omi inú ìkòkò tó gbóná. Àyè ti fẹ̀ sí i báyìí, ṣùgbọ́n ìwà kíkọ ọ̀rọ̀ ní ṣókí kò tíì kúrò lára iṣẹ́ náà, nítorí pé àtàǹpàkò ẹni tó ń wò ó lè ta á kọjá nígbàkígbà.

Ìdí tí owó ilé fi ń di eré ju ọ̀pọ̀ gbèsè mìíràn lọ wà nínú bí wọ́n ṣe ń san án. Ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, owó ọdún kan ni wọ́n sábà ń gbà, ṣáájú sì ni wọ́n ń gbà á. Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 tilẹ̀ sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ owó ọdún méjì kì í ṣe tuntun létí ẹni tó bá ti wá yàrá ní Èkó rí. Àwọn àdúgbò bíi Ìkòyí àti Àpápá ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé àdúgbò lásán kan, tí yàrá kan àti pálọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 240,000 náírà lọ́dún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣù nìyẹn. Ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́, bíi mẹkáníìkì tàbí aránṣọ, lè rí 20,000 náírà lóṣù. Kí ó rí 240,000 náírà papọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ìṣòro. Gbogbo àwáwí ayálégbé inú eré ti inú àlàfo yìí jáde wá, òǹkọ̀wé tó bá sì mọ̀ ọ́n kì yóò sọ ayálégbé rẹ̀ di olè tàbí ọ̀lẹ. Yóò kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sanwó, ṣùgbọ́n tó ń fi ọ̀rọ̀ ra àkókò.

Nínú ìjà owó ilé láàárín Yorùbá, àtẹ̀gùn méjì ló wà tí àwọn méjèèjì ń gùn. Ọ̀kan ni ti ohun ìní: ẹni tó ni ilé wà lókè ẹni tó yá a gbé. Èkejì ni ti ọjọ́ orí: àgbà wà lókè ọmọdé, yálà ó ní ilé tàbí kò ní. Nínú eré tí ó wọ́pọ̀ jù, àgbàlagbà ni onílé, ọ̀dọ́ sì ni ayálégbé, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan náà ló wà lókè àtẹ̀gùn méjèèjì. Onílé ń pariwo, ayálégbé ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. A lè rẹ́rìn-ín sí èyí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a ó fi mọ ohun tí wọn yóò sọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ibi tí ẹ̀rín pọ̀ sí ni ibi tí àtẹ̀gùn méjèèjì ti forí gbárí, tí onílé jẹ́ ọmọdé, tí ayálégbé sì jẹ́ àgbà. Kò ṣọ̀wọ́n. Bàbá kú, ó fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ, àwọn ayálégbé bàbá sì ṣì wà nínú yàrá wọn. Ẹni tí ọmọ náà fẹ́ lọ béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ.

Irú ìran bẹ́ẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kúnlé ni onílé, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, bàbá rẹ̀ sì ti kú ní ọdún tó kọjá. Bàbá Ṣadé ni ayálégbé. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀rẹ́ bàbá Kúnlé ni, ó sì ti ń gbé ilé náà láti ìgbà tí Kúnlé ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó ọdún kan ló jẹ. Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

KÚNLÉ: (Ó ń lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.) Ẹ ṣílẹ̀kùn! Tòní kọ́ la ó máa pa mọ́ra! Ẹ ṣílẹ̀kùn, mo ní!

BÀBÁ ṢADÉ: (Ó yọjú.) Kúnlé?

KÚNLÉ: (Ó dọ̀bálẹ̀.) Ẹ káàárọ̀, sà.

BÀBÁ ṢADÉ: Mo ní ta ló fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn bàbá ẹ.

Gbólóhùn mẹ́rin péré nìyẹn, ó sì lè máà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Síbẹ̀ ẹni tó ń wò ó ti mọ̀ pé ilé jogún ni, pé onílé ló kéré, pé àárọ̀ kùtùkùtù ni, àti pé àgbà ló borí ní ìkọlù àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ eré ló ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣòfò nípa jíjẹ́ kí onílé dá wà, kí ó máa sọ fún kámẹ́rà pé, "Bàbá Ṣadé yìí, ọdún kan rèé tí kò san owó ilé mi, mo fẹ́ lọ bá a lónìí." Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ohun tí ìjà fúnra rẹ̀ yóò fi hàn, kò sì sí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Ó sàn kí ariwo ilẹ̀kùn jẹ́ ohùn àkọ́kọ́ tí etí gbọ́, kí ìdọ̀bálẹ̀ sì tẹ̀ lé e lójijì. Ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tó ń lu ilẹ̀kùn àti àyà tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀rín àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Kúnlé gbọ́dọ̀ dárúkọ owó. Iṣẹ́ Bàbá Ṣadé ni kí ó má jẹ́ kí orúkọ owó jáde. Ohun ìjà rẹ̀ wà nílẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, òun ni ìkíni. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò lè já ìkíni lẹ́nu àgbà, kò sì lè ṣàìdáhùn nígbà tí àgbà bá béèrè ìyá rẹ̀.

KÚNLÉ: Bàbá, ọ̀rọ̀ owó ilé yẹn ni, sà.

BÀBÁ ṢADÉ: Ìyá ẹ ńkọ́?

KÚNLÉ: Wọ́n wà, sà. Owó i—

BÀBÁ ṢADÉ: Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?

KÚNLÉ: Díẹ̀díẹ̀ ló ń sàn, sà. Bàbá, owó ilé—

BÀBÁ ṢADÉ: Díẹ̀díẹ̀ ló ń sàn? Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ò pariwo mọ́ ẹsẹ̀ o?

KÚNLÉ: Rárá, sà.

BÀBÁ ṢADÉ: Èmi náà, díẹ̀díẹ̀ ni n ó máa san.

Ìgbà mẹ́ta ni Kúnlé gbìyànjú, ìgbà mẹ́ta náà ni wọ́n dá a dúró, ṣùgbọ́n ìdádúró kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ibi tí Bàbá Ṣadé ń lọ. Bí a bá yọ ìbéèrè ẹsẹ̀ kúrò, ìdáhùn ìkẹyìn kò ní ibi tí yóò dúró lé. Èyí ni ó ya ọ̀rọ̀ tó ní egungun sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn fi gún eré ní gígùn. Òṣèré tó bá sọ gbólóhùn yìí gbọ́dọ̀ fi ohùn pe ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa, kí sísàn ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí sísan owó sì wà láàárín. Bí ó bá sáré pè é, kò sí ẹni tí yóò rí i pé ayálégbé ti fi ẹsẹ̀ ìyá onílé jà fún ara rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé Kúnlé kò yé sọ "sà", Bàbá Ṣadé kò sì yé sọ "ẹ" fún un bí a ti ń sọ fún ọmọ ẹni. Inú irú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ báyìí ni àṣẹ wà. Òǹkọ̀wé tí kò bá ṣọ́ wọn yóò jẹ́ kí Kúnlé sọ "ẹ" ní ìlà kan àti "o" ní ìlà kejì láìnídìí, kíá ni etí Yorùbá yóò sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, kódà bí kò bá lè sọ ohun tó jẹ́. A lè yí ọ̀nà ìpeni padà nínú eré, ṣùgbọ́n ìyípadà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Nínú eré mìíràn tí onílé ti jẹ́ àgbà, ó lè máa sọ "ìwọ, ìwọ" fún ayálégbé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù ayálégbé wá dún, owó ńlá ti wọlé. Onílé wo ojú fóònù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, sà, ẹsẹ̀ á máa ro yín." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà, gbogbo ìjà náà sì ti dojú dé. Bí ó bá ti kọ́kọ́ sọ "ẹ" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣáájú, ẹ̀rín náà kú.

Ní agbedeméjì eré, ìjà gbọ́dọ̀ gùn sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ eré ti ń ṣìnà, tí wọ́n ń kó ẹ̀sùn kún ẹ̀sùn: omi kò yọ, òrùlé ń jò, ayálégbé kan ń tan jẹnẹrétọ̀ lóru, ọmọ ẹnì kan já ewé igi ọgbà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣẹlẹ̀ ní ilé tí yàrá ti kọjú sí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tuntun kì í gbé ìjà ga, ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń fà á lọ. Ìjà owó ilé ga nígbà tí ohun ìjà tí ẹnì kan ń lò bá ń wúwo sí i. Bàbá Ṣadé ti lo ìkíni, ó ti lo àìsàn ìyá. Èyí tó kù fún un ni òkú.

BÀBÁ ṢADÉ: Kúnlé, ọmọ mi, jókòó. Kí bàbá ẹ tó kú, ó pè mí sí yàrá.

KÚNLÉ: Ẹn-ẹ́n, sà?

BÀBÁ ṢADÉ: Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, bí mo bá lọ, má jẹ́ kí owó da ìwọ àti ọmọ mi rú."

KÚNLÉ: (Ojú rẹ̀ rọ̀.) Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀?

BÀBÁ ṢADÉ: Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí owó wọ àárín wa.

Èyí ni òkè tí ayálégbé lè dé. Kúnlé kò lè pe ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́, kò sì lè bi bàbá rẹ̀ léèrè. Ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé Kúnlé náà mọ̀. Bí eré náà bá dá dúró níbí, àgbà ti borí pátápátá, yóò sì pa ni lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà tí ẹnì kan borí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í ṣe ìjà. Kúnlé gbọ́dọ̀ jí dìde, kò sì gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà àrífín.

Ọ̀nà àrífín ni èyí tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn òǹkọ̀wé. Kúnlé lè gbaná jẹ, kí ó sọ "ìwọ bàbá yìí", kí ó pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá yọ ilẹ̀kùn, tàbí kí ó gun orí òrùlé lọ ṣí páànù. Eré púpọ̀ ló ti parí báyìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu tán, àánú àwọn tó ń wò ó yóò sì ṣí lọ sọ́dọ̀ àgbà tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Èkó ti ọdún 2011, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje, èyí tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí ilé ẹjọ́ láti gba ilé òun. Ilé ẹjọ́ nìkan ló sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n lé e jáde. Onílé tó bá ṣí páànù lórí ayálégbé ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, bó ti wù kí gbèsè náà pọ̀ tó. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ lo páànù ṣíṣí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun ń fi hàn, kí ó sì jẹ́ kí ó já sí ìtìjú fún onílé. Bí ó bá fi í hàn bí ìṣẹ́gun, ó ti kọ́ àwọn tó ń wò ó ní irọ́ nípa ẹ̀tọ́ ara wọn, ìyẹn kò sì dára.

Ohun tó bójú mu jù ni kí Kúnlé gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ àgbà, kí ó sì fi í padà jà, lórí ìdọ̀bálẹ̀ àti pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó ti ń fún un. Bàbá Ṣadé ló mú òkú wọ inú ọ̀rọ̀. Kí òkú náà wá dáhùn.

KÚNLÉ: Àṣé òótọ́ ni, sà. Bàbá mi wá bá mi lójú àlá lánàá.

BÀBÁ ṢADÉ: Ẹni ire! Kí ló wí?

KÚNLÉ: Wọ́n ní kí n kí yín.

BÀBÁ ṢADÉ: Ó ṣeun. Ọ̀rẹ́ mi dáadáa ni.

KÚNLÉ: Wọ́n ní bí owó ilé bá ń ni yín lára, kí ẹ má da ara yín láàmú.

BÀBÁ ṢADÉ: (Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.) Ṣé o gbọ́ báyìí?

KÚNLÉ: Wọ́n ní yàrá kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Ọ̀fẹ́ ni.

(Ìdákẹ́jẹ́.)

BÀBÁ ṢADÉ: Ìyá Ṣadé! Gbé àpò mi wá!

Kúnlé kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kankan. Kò ṣépè, kò halẹ̀, kò kúrò nínú "wọ́n" àti "yín". Ó jíṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí àgbà kò fi rí ibi tí yóò di mú láti bá a wí, ìbẹ̀rù ikú sì ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ tó ń lu ilẹ̀kùn kò lè ṣe. Ètò gbólóhùn náà ṣe pàtàkì. Ìdùnnú Bàbá Ṣadé gbọ́dọ̀ máa gòkè láti ìlà dé ìlà, kí ó gbà pé irọ́ òun ti wọlé, kí ẹ̀rín músẹ́ náà sì wà lójú rẹ̀ nígbà tí yàrá ṣófo bá dé. "Ọ̀fẹ́ ni" sì gbọ́dọ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn tirẹ̀, lẹ́yìn èémí kan, nítorí pé òun ni ó so ikú mọ́ owó ilé. Bí a bá kọ ọ́ pé, "Wọ́n ní yàrá ọ̀fẹ́ kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ní sàréè," ẹ̀rín náà ti sọnù sí àárín gbólóhùn, sàréè tí a dárúkọ sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ rí i pé sàréè ni.

Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta tó, kí kámẹ́rà wà lójú Bàbá Ṣadé, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí orin kankan má sì wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gé fọ́nrán ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́, wọ́n á fi ohùn ẹ̀rín tàbí ìró ìlù dí i. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹni tó ń wò ó ti ń ṣírò ohun tí Kúnlé wí, bí wọ́n bá sì dí i, ìṣírò náà kò ní parí.

Kí a tó gbé kámẹ́rà, kíka ọ̀rọ̀ náà sókè pẹ̀lú aago fóònù ni ọ̀nà tó dájú jù láti mọ bí yóò ṣe gùn tó, nítorí ìwé kò lè sọ bí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń gba àkókò. Bí eré tí a kọ sókè yìí bá kọjá ìṣẹ́jú méjì, a jẹ́ pé ìkíni ló ń gùn jù. Ibi àkọ́kọ́ tí a lè dín kù ni ìbéèrè nípa ìyá, a kò sì lè fọwọ́ kan ti ẹsẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ènìyàn kan ṣoṣo lè ṣe Kúnlé àti Bàbá Ṣadé. Maryam Apaòkàgí, tí a mọ̀ sí Taaooma, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi irú eré bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀, tó ń ṣe ìyá, ó ń ṣe ọmọ, ó ń ṣe bàbá. Ohun tó ń mú kí ojú gbà á gbọ́ ni ibi tí a ń wò. Bí Kúnlé bá ń wo apá ọ̀tún kámẹ́rà ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, Bàbá Ṣadé gbọ́dọ̀ máa wo apá òsì, kí ojú onílé tó dọ̀bálẹ̀ máa wo òkè, kí ti àgbà sì máa wo ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣi ọ̀kan nínú rẹ̀, yóò dà bíi pé àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ẹni tó ń wò ó á sì máa ronú nípa kámẹ́rà dípò owó ilé. Fìlà kan àti ohùn tó yàtọ̀ ti tó láti ya wọ́n sọ́tọ̀. Ní ti ohùn, máìkì kékeré tí a ń há mọ́ àyà aṣọ sàn ju ti inú fóònù lọ, pàápàá ní ilé tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń dún. Eré tó gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dúró bí a kò bá gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè àti sísàlẹ̀.

Ìtumọ̀ tí a ń kọ sí ojú fọ́nrán fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ní ìnira tirẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè òkun sì wà lára àwọn tó ń gbára lé e. "Ẹ" àti "o" yóò di ọ̀rọ̀ kan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo àtẹ̀gùn ọjọ́ orí yóò sì wó lulẹ̀. Ohun tí olùtumọ̀ lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí "sà" àti "Bàbá" máa hàn nínú gbogbo ìlà Kúnlé, kí orúkọ Kúnlé àti "ọmọ mi" sì máa hàn nínú ti àgbà. Eré lórí sísàn ẹsẹ̀ àti sísan owó kò ní kọjá sí èdè kejì bó ṣe wà, ó sì sàn kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá èdè náà mu ju kí a ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá kọ́ ni a ń gbé ìtumọ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ni ojú ewé àti ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ fọ́nrán máa ń bò. Èyí tó sì ń ba eré jẹ́ jù ni ìtumọ̀ tó ṣáájú ẹnu. Bí "Ọ̀fẹ́ ni" bá ti hàn lójú fọ́nrán nígbà tí Kúnlé ṣì ń sọ pé yàrá kan ṣófo, ẹni tó ń kà á ti mọ òpin kí Bàbá Ṣadé tó mọ̀ ọ́n. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kí èkejì má sì yọjú títí ẹnu Kúnlé yóò fi là.

Bí eré náà bá ní apá kejì, gbèsè náà kò gbọdọ̀ tán nínú ti àkọ́kọ́. Ìyá Ṣadé lè gbé àpò dé, kí Bàbá Ṣadé ka 60,000 náírà sí ọwọ́ Kúnlé, kí ó ní kí ó bá òun sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìyókù ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta péré nìyẹn jẹ́ nínú owó ọdún kan. 180,000 náírà ṣì wà nílẹ̀, Kúnlé yóò sì tún padà wá kan ilẹ̀kùn.